Páànù, Táìlì àti Ọ̀dà nínú Àwòrán: Bí A Ṣe Ń Mọ Irú Wọn àti Iye tí Wọn Yóò Ná Onílé

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá fi ń pe gbogbo ohun pẹlẹbẹ tí a fi ń bo ilé lóde òní: páànù. Irin tí a fi síńkì bò ń jẹ́ páànù, alumíníọ̀mù ń jẹ́ páànù, irin tí a da òkúta wẹ́wẹ́ lé lórí náà ń jẹ́ páànù. Níbi tí onílé àti káfíńtà bá jọ dúró sí ìdí iṣẹ́, àìtó orúkọ yìí kì í fa ìjà, nítorí ọwọ́ ni a fi ń tọ́ka sí ohun tí à ń wí. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀pọ̀ onílé ni kò sí nítòsí ilé tí wọ́n ń kọ́. Ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Àbújá ń kọ́lé sí Ìsẹ́yìn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Àbúrò rẹ̀ ni ó ń bá a bójú tó iṣẹ́, àwòrán orí fóònù sì ni ojú tí ó fi ń rí i. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ti di gbèsè, nítorí iye owó páànù kan lè ju ti èkejì lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì sì lè jọra bí ìbejì nínú àwòrán.

Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni bí a ṣe lè mọ irú ohun èlò láti inú àwòrán, bí a ṣe lè ti ibẹ̀ ṣírò iye rẹ̀, àti ibi tí agbára àwòrán parí sí. Páànù ni yóò gba àyè jù lọ, nítorí pé òun ni ó máa ń gbówó jù, òun náà sì ni ó rọrùn jù láti ṣìmọ̀. Táìlì àti ọ̀dà yóò tẹ̀ lé e ní ṣókí.

1. Ojú oríkèé ni kí a kọ́kọ́ wò

Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Páànù pupa, páànù dúdú àti páànù aláwọ̀ ewé wà nínú oríṣi gbogbo. Ibi tí páànù kan ti pàdé èkejì, èyí tí a lè pè ní oríkèé, ni ó ń tú àṣírí irú páànù.

Páànù onígbì ni ó pẹ́ jù lọ láàrin wa. Ìgbì rẹ̀ rí roboto, ó ń lọ sókè ó ń bọ̀ nílẹ̀ bí omi òkun, nǹkan bí mìlímítà 76, èyí tí í ṣe íǹṣì 3, ni ó sì máa ń wà láàrin òkè ìgbì kan sí òkè ìgbì kejì. Páànù yìí kúrú, nítorí náà oríkèé rẹ̀ pé méjì: ọ̀kan ń lọ lóòró láti òkè dé ìsàlẹ̀, èkejì ń lọ níbùú níbi tí páànù òkè ti gun orí páànù ìsàlẹ̀. Orí ìgbì ni a ń kan ìṣó rẹ̀ sí. Bí ó bá ti pẹ́, tí ìpẹtà pupa sì ń ṣàn láti ojú ìṣó, irin ni, nítorí alumíníọ̀mù kì í dípẹtà pupa; ńṣe ni ojú rẹ̀ máa ń ṣú tí ó sì máa ń funfun bí eérú.

Páànù kan tún wà lórí àwọn ilé àtijọ́ tí ó ní ìgbì, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe irin rárá. Sìmẹ́ńtì tí a po mọ́ fọ́nrán asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni. Ìgbì rẹ̀ tóbi, ọ̀kan nínú irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù ní tó mìlímítà 146 láàrin òkè ìgbì kan sí èkejì, etí rẹ̀ sì nípọn bí ìka ọwọ́ kékeré ọmọdé. Bí àwòrán bá fi irú etí bẹ́ẹ̀ hàn, kí onílé má ṣe ka yíyọ rẹ̀ sí iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Bí a bá fọ́ ọ, ekuru rẹ̀ a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, a sì máa fa àìsàn tí kò gbóògùn. Owó àwọn tí ó mọ̀ ọ́n yọ gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò.

Páànù gígùn ni ẹ̀kẹta. Alumíníọ̀mù ni ó sábà máa ń jẹ́. Láti ara ìdì tí a ká bí ẹní ni wọ́n ti ń gé e ní ìwọ̀n gígùn tí káfíńtà bá bèèrè, nítorí náà ẹyọ kan lè ti góńgó orí ilé dé etí òrùlé láìní ìsopọ̀. Oríkèé rẹ̀ kò ju ti òòró lọ. Bí àwòrán bá fi ilà tí ó ti òkè dé ìsàlẹ̀ hàn, tí kò sì sí èyí tí ó lọ níbùú, páànù gígùn ni.

Níbí ni ìṣìmọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù ti ń wáyé. Wọ́n máa ń tẹ páànù gígùn kan ní àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn kí ó lè fara jọ amọ̀ sísun tí wọ́n fi ń bo ilé nílẹ̀ òkèèrè. A lè pe èyí ní páànù onípele. Bí ènìyàn bá wò ó láti òòkán, ìpele rẹ̀ dà bí oríkèé tí ó lọ níbùú, èyí sì mú kí ó jọ páànù olókùúta, tí í ṣe ẹ̀kẹrin. Páànù olókùúta jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi alumíníọ̀mù òun síńkì bò, tí a sì wá da òkúta wẹ́wẹ́ lé lórí. Ẹyọ rẹ̀ kúrú: gígùn rẹ̀ máa ń tó mítà 1.3, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 42 lọ. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí òrùlé, oríkèé òòró ọ̀wọ́ kan kì í sì í bá ti ọ̀wọ́ tí ó tẹ̀ lé e mu, bí búlọ́ọ̀kù ara ògiri ṣe ń gun ara wọn.

Ohun mẹ́ta ni ó ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú àwòrán. Èkínní ni oríkèé òòró: bí ó bá lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìyà, páànù onípele ni, bí ó bá ń yà sọ́tùn-ún sósì láti ọ̀wọ́ dé ọ̀wọ́, olókùúta ni. Èkejì ni oòrùn: ojú páànù onípele a máa dán, ìmọ́lẹ̀ a sì máa kọ mọ̀nà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú páànù olókùúta a máa gbé ìmọ́lẹ̀ mì bí ìyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó dára jù, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ kí páànù tó dé orí ilé rárá. Òun ni àlàfo tí ó wà láàrin àwọn igi tí a ń kan páànù mọ́. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan páànù olókùúta ni ó nílò igi tirẹ̀, nítorí náà àlàfo igi kan sí èkejì kì í ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 37 lọ. Ti páànù gígùn sábà máa ń súnmọ́ mítà kan. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé páànù olókùúta ni wọn yóò fi bo ilé rẹ̀, tí ó sì rí igi tí ó jìnnà síra tó mítà kan nínú àwòrán, ti rí ìdí láti béèrè ọ̀rọ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

2. Búlọ́ọ̀kù gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá ìwọ̀n

Mímọ irú páànù kò tíì sọ iye rẹ̀. Bí òrùlé ṣe tóbi tó ni ó kù, àwòrán kò sì ní ọ̀pá ìwọ̀n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí wọn kò tíì rẹ́ ní ọ̀pá ìwọ̀n lára. Búlọ́ọ̀kù oníyanrìn tí ó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa gùn ní sẹ̀ǹtímítà 45, ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 22.5. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì tí a fi so ó kún un, ẹyọ kan gba nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 47.5 lóòró, ìtò kan sì gba nǹkan bí 25 sókè. Ìtò mẹ́rin di mítà kan. Ẹni tí ó bá lè ka búlọ́ọ̀kù nínú àwòrán ti lè wọn ilé náà.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀. Ohun tí ó wà nítòsí ẹ̀rọ ayàwòrán máa ń tóbi ju ohun tí ó jìnnà lọ. Nítorí náà ara ògiri tí à ń wọ̀n gan-an ni kí a ti ka búlọ́ọ̀kù, kí a má ṣe fi búlọ́ọ̀kù iwájú wọn ògiri ẹ̀yìn. Kíkà sì sàn ju fífi rúlà wọn àwòrán lọ, nítorí bí àwòrán bá tilẹ̀ wọ́, iye búlọ́ọ̀kù kò yí padà.

Àṣìṣe tí ó pọ̀ jù nínú ìṣirò òrùlé ni kí a fi bí ilẹ̀ ilé ṣe tóbi tó ṣe bí òrùlé ṣe tóbi tó. Òrùlé dàgẹ̀rẹ̀, ó sì yọ jáde ré kọjá ògiri. Méjèèjì ni ó ń jẹ páànù.

3. Ilé kan ní Ìsẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Kí a gbà pé olùkọ́ kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ́lé sí Ìsẹ́yìn. Ilé náà ní òrùlé apá méjì tí ó pàdé ní góńgó. Àbúrò rẹ̀ fi àwòrán mẹ́rin ránṣẹ́: iwájú ilé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, àti páànù kan tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ó fi àwòrán ìwé káfíńtà kún un, ohun tí ó sì wà lórí ìwé náà kò ju èyí lọ: “Páànù 0.55, mítà 190.”

Olùkọ́ náà ka búlọ́ọ̀kù. Ó rí 25 lóòró ilé, èyí tí ó jẹ́ mítà 11.9. Ó rí 17 níbùú, èyí tí ó jẹ́ mítà 8.1. Nínú ògiri onígun mẹ́ta tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́, ó rí ìtò mẹ́jọ láti ibi tí ògiri gbogbo parí sí títí dé góńgó, èyí tí ó jẹ́ mítà 2. Ìdajì ìbú ilé jẹ́ mítà 4.05. Bí a bá sọ 4.05 àti 2 di ìlọ́po ara wọn, tí a pa wọ́n pọ̀, tí a sì wá gbòǹgbò àpapọ̀ wọn, a ó rí mítà 4.52. Èyí ni gígùn ìdagẹ̀rẹ̀ láti góńgó dé orí ògiri. Ó fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án kan ju ìwọ̀n tí ó wà nílẹ̀ gbọọrọ lọ.

Etí òrùlé yọ jáde ní sẹ̀ǹtímítà 60 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí a bá fi èyí kún un, ìdagẹ̀rẹ̀ di mítà 5.2, gígùn òrùlé sì di 13.1. Apá méjèèjì òrùlé wá jẹ́ nǹkan bí mítà 136 tìbú-tòòró. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ilé nìkan ni olùkọ́ náà ṣírò, 96 ni ìbá rí, 40 ni ìbá sì fi kù káàtó.

Ṣùgbọ́n 190 ni káfíńtà kọ. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò wí pé káfíńtà ti fi 54 lé e. Níbí ni àìtó orúkọ ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀, nítorí mítà tí olùkọ́ ń wí kọ́ ni mítà tí káfíńtà ń wí. Ti olùkọ́ jẹ́ mítà tìbú-tòòró, èyí tí a fi ń wọn bí ojú nǹkan ṣe gbòòrò tó. Ti káfíńtà jẹ́ mítà òòró, èyí tí a fi ń wọn gígùn páànù nìkan, ohunkóhun tí ìbáà jẹ́ fífẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn.

Olùkọ́ náà tún ìṣirò rẹ̀ ṣe ní ìlànà káfíńtà. Páànù ní fífẹ̀ méjì. Ọ̀kan ni fífẹ̀ páànù fúnra rẹ̀, láti etí dé etí. Èkejì ni fífẹ̀ ìbòlé, èyí tí ó kù lẹ́yìn tí páànù kan bá ti gun etí èkejì. Fífẹ̀ ìbòlé yìí ni a fi ń ṣírò, ó sì ń yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ olùṣe kan sí èkejì. Nítorí náà bíbéèrè ni tàbí kí a fi okùn ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ páànù kí a tó ya àwòrán rẹ̀. Nínú àwòrán páànù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, okùn ìwọ̀n fi 90 sẹ̀ǹtímítà hàn gẹ́gẹ́ bí fífẹ̀ ìbòlé. Mítà 13.1 gba páànù 14 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. A kì í ra ààbọ̀ páànù, nítorí náà ó di 15. Apá méjèèjì di 30. A gé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mítà 5.3 kí ó lè yọ díẹ̀ ní etí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà òòró 159.

Ó ku 31. Kí ó tó bínú, olùkọ́ náà wo àwọn àwòrán lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì rí i pé kò sí èyí tí wọ́n yà láti ẹ̀yìn ilé. Ó ní kí àbúrò rẹ̀ ya á. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó gùn ní mítà 10, òrùlé rẹ̀ sì dàgẹ̀rẹ̀ ní mítà 2.6. Páànù 12 ni ó gbà, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí mítà òòró 31. Ìṣirò káfíńtà pé pérépéré. Ohun tí àwòrán kò yà kò túmọ̀ sí pé kò sí, ìdí nìyí tí ẹni tí yóò fi àwòrán ṣírò fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé.

Bí ó bá jẹ́ páànù olókùúta ni wọ́n fẹ́ fi bo apá méjì gíga náà, ìṣirò rẹ̀ yóò gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn ìgbéléra, ẹyọ kan ń bo nǹkan bí mítà 0.46 tìbú-tòòró. 136 yóò gba 296. Bí a bá fi ìdá ogún kan kún un nítorí gígé àti fífọ́, yóò di nǹkan bí 311. Igi ni kò yẹ kí a gbàgbé. Fún páànù gígùn, ìlà igi méje ní apá kọ̀ọ̀kan ti tó, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí mítà 183 ní àpapọ̀. Fún olókùúta, ìlà 15 ni ó gbà, èyí tí ó jẹ́ mítà 393. Ẹni tí ó bá fi iye páànù nìkan wé ara wọn ti fojú fo iye igi tí ó ti ju ìlọ́po méjì lọ.

4. Ohun tí ojú kò lè rí

Ó ku nọ́ńbà kan lórí ìwé káfíńtà: 0.55. Èyí ni ìnípọn páànù, mìlímítà ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n ń ta alumíníọ̀mù òrùlé ní ìnípọn 0.45, 0.55 àti 0.7, láàrin àwọn mìíràn. Èyí tí ó nípọn jù ni ó wọ́n jù, òun náà ni kì í tètè tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ káfíńtà tàbí kí afẹ́fẹ́ ṣí i.

Kò sí àwòrán òrùlé tí ó lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn, ìdí rẹ̀ sì rọrùn láti rí. Àwòrán orí fóònù jẹ́ àkójọ àmì kéékèèké tí a lè pè ní ẹyọ-àwòrán. Bí àwòrán kan bá ní 4,000 ẹyọ-àwòrán níbùú, tí òrùlé tí ó gùn ní mítà 13 sì kún un láti etí dé etí, ẹyọ kan ń dúró fún ju mìlímítà 3 lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin 0.45 àti 0.55 jẹ́ ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan. Ó fi ju ọgbọ̀n ìgbà lọ kéré sí ohun tí ó kéré jù tí àwòrán náà lè gbé. Ẹni tí ó bá wí pé òun wo àwòrán, òun sì rí i pé páànù náà nípọn, àwọ̀ tàbí òjìji ni ó rí.

Nítorí náà ohun mìíràn ni kí a ní kí wọ́n yà. Bí irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìnípọn bá wà, kí wọ́n fi ti etí páànù mú, kí a sì rí nọ́ńbà rẹ̀ nínú àwòrán. Bí kò bá sí, ìwọ̀n orí tábìlì tí àwọn alákàrà fi ń wọn ìyẹ̀fun ti tó. Kí wọ́n gé àjákù páànù kan, kí wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 níbùú àti 50 lóòró, kí wọ́n sì gbé e lé ìwọ̀n. Alumíníọ̀mù tí ó gbòòrò tó mítà kan tìbú-tòòró, tí ó sì nípọn ní mìlímítà kan, wúwo ní kìlógíráàmù 2.7. Àjákù náà jẹ́ ìdá mẹ́rin mítà tìbú-tòòró kan. Bí ìnípọn rẹ̀ bá jẹ́ 0.55, yóò wúwo ní nǹkan bí gíráàmù 371. Bí ó bá jẹ́ 0.45, nǹkan bí 304. Ọ̀dà ojú rẹ̀ yóò fi gíráàmù díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí yóò sọ ọ̀kan di èkejì.

Òòfà ni ẹ̀rí tí ó tẹ̀ lé e. Òòfà kì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù, ó ń lẹ̀ mọ́ irin. Irin sì wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta alumíníọ̀mù ó dín díẹ̀. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n pè ní alumíníọ̀mù, kò sí ohun tí ó kù láti wọ̀n.

Ní ti ilé Ìsẹ́yìn, kí a gbà pé ìwọ̀n fi gíráàmù 312 hàn. Páànù 0.45 nìyẹn, kì í ṣe 0.55. Bí a bá fi iye àpẹẹrẹ lásán ṣírò, tí mítà òòró kan 0.55 jẹ́ náírà 12,000, tí ti 0.45 sì jẹ́ 10,000, ìyàtọ̀ rẹ̀ lórí mítà 190 jẹ́ náírà 380,000. Ẹ kíyè sí ibi tí ìyàtọ̀ náà wà. Mítà 190 tí olùkọ́ fura sí ni ó pé, 0.55 tí kò fura sí rárá ni kò rí bẹ́ẹ̀. Bóyá káfíńtà ni ó ṣe é o, bóyá ẹni tí ó tà á fún un ni, ẹ̀rí ti wà ní ọwọ́ onílé kí páànù tó gun orí ilé, nígbà tí ó ṣì ṣeé dá padà.

5. Táìlì àti ọ̀dà

Ní ti táìlì, ìlẹ̀kùn ni ọ̀pá ìwọ̀n. Ìlẹ̀kùn yàrá sábà máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 90. Bí táìlì kan àti ààbọ̀ bá kárí ẹnu ìlẹ̀kùn, táìlì ọgọ́ta ni. Bí ó bá gba méjì àti díẹ̀, ti ogójì ni. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Yàrá tí a ka táìlì 9 sí 7 nínú rẹ̀ jẹ́ mítà 22.7 tìbú-tòòró bí táìlì bá jẹ́ ọgọ́ta, ṣùgbọ́n kò ju 10.1 lọ bí ó bá jẹ́ ogójì. Páálí táìlì ọgọ́ta tí ó ní ẹyọ mẹ́rin nínú ń kárí 1.44. Yàrá náà yóò gba páálí 16. Bí a bá fi ìdá mẹ́wàá kan kún un nítorí gígé, yóò di 18.

Bí táìlì ṣe le tó kò sí lójú rẹ̀, etí tí ó ṣẹ́ ni ó wà. Kí wọ́n ya àwòrán àfọ́kù kan láti ẹ̀gbẹ́. Bí inú rẹ̀ bá pupa bí ìkòkò, tàbí tí ó funfun ẹfun, tí àwọ̀ ojú rẹ̀ sì jẹ́ ìpele tín-ínrín kan lórí, amọ̀ sísun lásán ni, ó sì ń fa omi. Bí inú rẹ̀ bá dì mọ́ra bí òkúta, tí kò ní ihò, èyí tí wọ́n sun le ni, òun ni ó wọ́n jù. Bí a bá kán omi sí àfọ́kù amọ̀ lásán, yóò fà á wọlé; lórí èkejì, omi yóò jókòó.

Ọ̀dà ni àwòrán ń purọ́ nípa rẹ̀ jù. Ọ̀dà tí kò tíì gbẹ a máa dán, iná ẹ̀rọ ayàwòrán a sì máa mú kí ògiri gbogbo kọ mọ̀nà. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ó bá ti gbẹ ni kí wọ́n ya á, ní ojú mọmọ, láìtan iná. Kí wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ìmọ́lẹ̀ lè gbá a ní ìhà. Ọ̀dà olómi kì í dán, ọ̀dà elépo a máa dán, ọ̀dà oníyanrìn a sì máa fi òjìji kéékèèké hàn. Ní ti àwọ̀, kí wọ́n lẹ bébà funfun mọ́ ògiri nínú àwòrán náà. Bí bébà bá pọ́n nínú àwòrán, ọ̀dà náà kò pọ́n tó bí ó ṣe hàn.

Láti mọ iye rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé Ìsẹ́yìn. Ògiri rẹ̀ ga ní ìtò 12, èyí tí ó jẹ́ mítà 3. Àyíká ilé jẹ́ mítà 40. Ìyẹn jẹ́ 120, ògiri onígun mẹ́ta méjèèjì fi 16 kún un. Bí fèrèsé àti ìlẹ̀kùn bá gba 20, ó ku 116. Ìgbà méjì ni a ń kun ún, èyí tí ó jẹ́ 232. Bí lítà kan ọ̀dà olómi bá kárí mítà 10 tìbú-tòòró lórí ògiri tí ó jọ̀lọ̀, yóò gba lítà 23: garawa olólítà 20 kan àti agolo olólítà 4 kan. Ògiri tí kò jọ̀lọ̀ yóò mu ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀dà oníyanrìn sì nípọn débi pé a kò gbọdọ̀ fi ìṣirò yìí wọ̀n ọ́n rárá; ohun tí olùṣe kọ sí ara garawa ni kí a tẹ̀ lé.

6. Ọ̀rọ̀-ìperí tí iṣẹ́ yìí ń béèrè

Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ìdààmú ilé Ìsẹ́yìn tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Bí mítà òòró bá ti yàtọ̀ sí mítà tìbú-tòòró lórí ìwé, ìfura kò ní dìde. Bí fífẹ̀ páànù bá ti yàtọ̀ sí fífẹ̀ ìbòlé, ìṣirò kò ní yingin. Bí a bá ti kọ ìnípọn tì í pẹ̀lú orúkọ ìwọ̀n rẹ̀, onílé yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó ní kí wọ́n wọ̀n. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì. Nínipọn, fífẹ̀, ìbú, òòró, dídàgẹ̀rẹ̀ àti gbígbéra-ẹni-léra wà lẹ́nu gbogbo Yorùbá tẹ́lẹ̀. Ohun tí olùtumọ̀ ń ṣe ni pé kí ó fi ìtumọ̀ kan ṣoṣo dè wọ́n mọ́lẹ̀. Bákan náà ni “síńkì”: orúkọ ohun tí a fi bo irin ni, kò yẹ kí a tún fi pe alumíníọ̀mù.

Bí a bá tún ìwé káfíńtà náà kọ, báyìí ni ìbá ṣe kà: “Páànù alumíníọ̀mù onípele, ìnípọn mìlímítà 0.55, fífẹ̀ ìbòlé sẹ̀ǹtímítà 90; ẹyọ 30 ní mítà 5.3 fún ilé, ẹyọ 12 ní mítà 2.6 fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Àpapọ̀ mítà òòró 190.” Ìlà mẹ́ta péré ni. Ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè gbé e lé ẹ̀gbẹ́ àwòrán rẹ̀ kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó wà ní Ìsẹ́yìn náà kò sì ní rí ibi sá sí bí ohun tí ó rà bá yàtọ̀ sí ohun tí ó kọ.